Kíka Ihunjọ Gáùn Nínú Fọ́tò Kí Télọ̀ Tó Jìnnà Lè Tún Un Ṣe

Gáùn àǹkárá kan ti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ àǹtí kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ ẹbí ni. Òkè rẹ̀ fún mọ́ ara, wọ́n so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ní wéèsì, ìsàlẹ̀ náà tẹ̀lé ìdí títí dé abẹ́ orúnkún, sípì sì wà lẹ́yìn. Àǹtí wọ̀ ọ́, ó yí ẹ̀yìn sí dígí, ó gbé fóònù sókè, ó ya fọ́tò kan. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: “Ẹ káàsán o, Bọ̀dá. Ẹ wo ẹ̀yìn gáùn yìí, ó ń ká jọ lókè ìdí mi. Ó ti gùn jù. Ṣé kí n bá yín fi ránṣẹ́ padà kí ẹ gé e kù?”

Bí télọ̀ bá gé e bí wọ́n ṣe ní kó gé e, gáùn náà bàjẹ́ nìyẹn. Híìpù rẹ̀ ló fún. Àǹkárá kì í nà, nítorí náà nígbà tí híìpù ò gba ìdí, aṣọ gòkè lọ wá ibi tí ara ti tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo èyí tó gòkè sì kó jọ sí ẹ̀yìn wéèsì. Ẹni tó bá wò ó lójú kan á rò pé aṣọ pọ̀ jù níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oníbàárà àti télọ̀ ti máa ń wọ́ nìyí. Oníbàárà a sọ ohun tí ó rò pé ó fà á (“ó gùn jù”, “ó fún jù”, “ẹ ò rán an dáadáa”) dípò kó sọ ohun tó rí. Télọ̀ tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílò nǹkan mẹ́ta péré: ibo ni aṣọ ti hun jọ, apá ibo ni ihunjọ náà dorí kọ, íǹṣì mélòó ni. Bó bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun fúnra rẹ̀ á mọ ohun tó fà á, ó sì lè béèrè pé kí wọ́n dán nǹkan kan wò kó lè dá a lójú.

Fọ́tò tí àǹtí yà ò lè fi ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn. Apá tó fi gbé fóònù sókè ti fa ihò apá aṣọ, ó sì ti gbé gbogbo gáùn sókè pẹ̀lú rẹ̀. Bó ṣe yí ọrùn wo dígí ti mú kí èjìká kan ga ju ìkejì lọ. Dígí náà sì ti sọ ọ̀tún di òsì, bẹ́ẹ̀ bí ìdí ẹnì kan bá yọ ní apá kan ju èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ tí ara rẹ̀ dáa ni télọ̀ máa tú.

Kí wọ́n tó ya òmíràn, ó yẹ kí wọ́n lọ aṣọ náà. Gáùn tó wà nínú báàgì láti Ìbàdàn ti ní ìlà kíká tirẹ̀, ìlà wọ̀nyí a sì máa dà bí ihunjọ lójú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Èyí tó bá padà wá lẹ́yìn tí áyọ́ọ̀nù ti kọjá lórí rẹ̀ ni télọ̀ fẹ́ rí. Kí àǹtí wọ bàtà àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó máa wọ̀ lọ sí òde náà gan-an, nítorí kọ́mú kan lè gbé àyà sókè ju òmíràn lọ tó íǹṣì kan.

Ẹlòmíràn ni kó ya fọ́tò náà. Bí kò bá sí ẹnì kankan, kí ó gbé fóònù sórí nǹkan tó ga tó wéèsì rẹ̀, kí ó sì fi aago inú kámẹ́rà yà á. Mítà mẹ́ta sí ara rẹ̀ dára. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn jù, ibi tó wà níwájú á tóbi ju bó ṣe rí lọ. Bó bá ga jù, ìsàlẹ̀ gáùn á kúrú lójú. Kí ìmọ́lẹ̀ ti ojú fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n pa fíláàṣì, torí òjìji kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihunjọ ni ojú fi ń rí i, fíláàṣì a sì máa pa òjìji náà rẹ́. Fọ́tò mẹ́rin ni: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Kí ọwọ́ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ojú sì wo iwájú. Ẹni tó bá wolẹ̀ wo aṣọ rẹ̀ ti tẹ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn gáùn á sì kúrú.

Wàhálà kan tún wà tó jẹ́ ti àǹkárá. Òdòdó àti àwọ̀ orí rẹ̀ pọ̀ débi pé ihunjọ ń sá pa mọ́ sínú wọn. Ọ̀nà tó rọrùn ni okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kódà rọ́bà inú sòkòtò ṣe é lò. Kí àǹtí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ibi tí ara ti ṣẹ́ ni wéèsì, ibẹ̀ ni kó so okùn kìíní mọ́ lórí gáùn. Kó so ìkejì mọ́ ibi tí ìdí ti yọ jù, kó sì rí i pé ó wà ní dọ́gbadọ́gba yípo. Láti ìgbà yẹn lọ, télọ̀ ti ní ohun tó lè fi wọn nǹkan lójú: ó lè rí bóyá wéèsì aṣọ bá wéèsì ara mu.

Bí àǹtí ṣe tún fọ́tò yà báyìí, nǹkan méjì fara hàn tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti so òkè gáùn mọ́ ìsàlẹ̀ fi íǹṣì kan ga ju okùn wéèsì lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn nìkan, iwájú náà rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kéékèèké tó le tún wà lórí okùn híìpù, wọ́n dá ìbú láti ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Ìlà tó le àti ihunjọ tó rọ̀ yàtọ̀ síra pátápátá. Aṣọ tó fún a máa le, ìlà rẹ̀ á sì nà tọ ibi tó ń fà á. Béèyàn bá gbìyànjú láti fi ìka méjì mú un, kò ní rí nǹkan mú. Aṣọ tó pọ̀ jù a máa rọ̀, ó ṣe é fi ìka mú kúrò lára. Lára gáùn, ìlà líle tó dá ìbú túmọ̀ sí pé ibẹ̀ fún, ihunjọ rírọ̀ tó dá ìbú túmọ̀ sí pé ibẹ̀ gùn jù, èyí tó rọ̀ tó sì dúró lóòró túmọ̀ sí pé ibẹ̀ fẹ̀ jù. Ti ẹ̀yìn wéèsì àǹtí rọ̀, ti híìpù rẹ̀ le. Ọ̀kan lára wọn ló bí èkejì, àfi kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó mọ èwo.

Télọ̀ náà kò tíì sọ pé òun mọ̀. Ohun tó kọ ránṣẹ́ ni pé: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa gáùn náà wálẹ̀ láti ìdí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ rìn díẹ̀ nínú yàrá, kí wọ́n tún un yà láì jẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.” Nínú fọ́tò kìíní, wéèsì gáùn bọ́ sórí okùn, ihunjọ ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nínú ìkejì, gáùn ti gun òkè padà. Aṣọ tó kàn gùn jù lẹ́yìn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ihunjọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ bóyá wọ́n fà á bóyá wọn ò fà á, wéèsì rẹ̀ níwájú á sì wà ní àyè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò kejì ló parí iyèméjì. Àǹtí fi bíléèdì tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láti bí íǹṣì mẹ́ta sábẹ́ wéèsì títí kọjá okùn híìpù. Ó wọ gáùn padà. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yanu ní ìwọ̀n ìdajì íǹṣì, wéèsì sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èèyàn lè máa bẹ̀rù àtitú aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n ojú rírán ẹ̀gbẹ́ ni télọ̀ máa kọ́kọ́ tú bó ti wù kó rí, yíyanu rẹ̀ sì ń sọ òtítọ́ tí téèpù lè má sọ.

Wíwọ̀n ló kù. A máa ń wọn aṣọ ní títẹ́, kì í ṣe lára èèyàn. Fún èyí, àǹtí kọ́kọ́ fi òwú kàn án padà fún ìgbà díẹ̀ lójú rírán àtijọ́. Ó fa sípì dé òkè, ó tẹ́ gáùn sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ láì fà á, ó sì na téèpù láti ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì níbi tí okùn híìpù ti fi àmì sí. Íǹṣì 20½ ni. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 41. Ìdí àǹtí fúnra rẹ̀ jẹ́ 42. Kí èèyàn tó lè jókòó nínú àǹkárá, aṣọ gbọ́dọ̀ fi bí íǹṣì méjì ju ara lọ ní híìpù, èyí jẹ́ 44. Íǹṣì mẹ́ta ló ń wá nìyẹn.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Télọ̀ pín 42 sí mẹ́rin, ó rí 10½, ó gbàgbé àyè ìjókòó, nígbà tó sì ń rán an, ẹ̀rọ fi ìdá mẹ́rin íǹṣì wọnú ju ìlà ṣọ́ọ̀kì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdá mẹ́rin yẹn, níbi mẹ́rin, ti di odindi íǹṣì kan.

Fọ́tò téèpù ní òfin tirẹ̀. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà lókè tààrà, kí ibi tí téèpù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn nínú fọ́tò kan náà. Fọ́tò tó fi nọ́ńbà òpin nìkan hàn kò wúlò, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú íǹṣì ni kó kọjú sókè. Télọ̀ Ìbàdàn ń fi íǹṣì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ wo ojú sẹ̀ǹtímítà. 20½ íǹṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 52. Ẹni tó bá kọ “52” láì sọ èwo ti dá wàhálà tuntun sílẹ̀.

Fọ́tò tí ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń gbàgbé ni ti inú aṣọ. Kí wọ́n yí gáùn padà, kí wọ́n fi téèpù wọn aṣọ tó ṣẹ́ kù láti ojú rírán dé etí, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní àláwáǹsì. Lára gáùn yìí, íǹṣì kan ni ní ẹ̀gbẹ́, íǹṣì kan sì ni ní àárín ẹ̀yìn. Ìṣirò télọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjì ní abala aṣọ mẹ́rin; bí ó bá tú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì sílẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, ó ti rí íǹṣì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin íǹṣì péré ló máa kù nínú, èyí kéré níbi tí ìdí ti máa ń fa aṣọ. Bí ó bá mú lára àárín ẹ̀yìn náà, abala di mẹ́fà, ìdajì íǹṣì níbi kọ̀ọ̀kan á tó, ìdajì á sì kù nínú. Iṣẹ́ èyí pọ̀ ju tìṣáájú lọ torí ó gbọ́dọ̀ yọ sípì kó tó tún un fi sí i. Télọ̀ ló máa yan èyí tó fẹ́. Ti oníbàárà ni pé kó fi àláwáǹsì náà hàn án.

“Ó ti gùn jù” tí àǹtí kọ́kọ́ kọ kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́, ihunjọ rírọ̀ kékeré kan ṣì kù ní àárín ẹ̀yìn, lókè okùn wéèsì. Àǹtí ní kí wọ́n fi ìka méjì mú un, kí wọ́n fi píìnì gún un, kí wọ́n sì wọn bó ṣe yọ síta: ìdajì íǹṣì. Nǹkan tó bá ká jọ sí méjì ń jẹ aṣọ ní ìlọ́po méjì, nítorí náà íǹṣì kan gbáko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn á yọ ọ́ níbi tí òkè ti pàdé ìsàlẹ̀, láti àárín ẹ̀yìn, kó máa dín kù títí kó fi tán lójú rírán ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wọnú lókè ìdí ni èyí máa ń bá.

Ohun tí àǹtí wá kọ ránṣẹ́ nìyí, fọ́tò mẹ́jọ sì tẹ̀lé e: “Ẹ kúuṣẹ́, Bọ̀dá. Fọ́tò 1 sí 4 ni ìdúró mi, okùn òkè ni wéèsì, ti ìsàlẹ̀ ni híìpù. Wéèsì aṣọ fi íǹṣì 1 ga ju tèmi lọ yípo. Nígbà tí mo tú ẹ̀gbẹ́, ó wálẹ̀, ó sì yanu ní ½ íǹṣì lọ́tùn-ún, ½ lósì (fọ́tò 5). Híìpù aṣọ ní títẹ́, 20½. Tèmi, 42. Àláwáǹsì ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, íǹṣì 1 (fọ́tò 6 àti 7). Àárín ẹ̀yìn ṣì ṣẹ́ kù, mo fi píìnì mú un, ó yọ ní ½ íǹṣì (fọ́tò 8).” Kò sọ pé kí wọ́n gé nǹkan kan. Télọ̀ fèsì pé: “Ó ti yé mi, Àǹtí. Ẹ má bínú sí ti híìpù yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi. Bí ẹ bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, ẹ fi rán an.” Píìnì a máa já bọ́ nínú àpò, nítorí náà òwú funfun ni wọ́n fi rán àmì náà sójú ibi tí píìnì wà kí gáùn tó gbéra.

Bí ó bá jẹ́ àyà ni aṣọ ti hun jọ, ó rọrùn díẹ̀ láti júwe. Bí ìlà líle bá ti orí ọmú lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí abẹ́ apá, tí ìṣẹ́tí iwájú sì ga ju ti ẹ̀yìn lọ, àyà ló ń jẹ gígùn iwájú: aṣọ kò ní tó láti gun orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ibi tí orí ọmú wà lórí aṣọ, kí wọ́n sì ya ibẹ̀ nìkan pẹ̀lú téèpù. Télọ̀ fẹ́ rí bí ẹnu dáàtì ṣe jìnnà tó sí bébà náà. Ó yẹ kó dúró ní bí íǹṣì kan síwájú rẹ̀. Bí ó bá kọjá sókè rẹ̀, aṣọ á ṣe ṣónṣó níbi tí kò sí nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú rírán ló ń ya, fọ́tò tímọ́tímọ́ ni, lójú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí télọ̀ lè ka iye ojú abẹ́rẹ́ tó wà nínú íǹṣì kan. Fún àǹkárá, 10 sí 12 dára. Tó bá jẹ́ 6, béèyàn bá ti fà á sí ọ̀tún sósì ni inú á máa hàn. Kí wọ́n fà á bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì yà á nígbà tí wọ́n ń fà á, nítorí “ó ń ya” lè jẹ́ nǹkan mẹ́ta. Bí òwú bá já, ẹnu òwú méjì á yọ síta. Bí òwú bá dẹ̀, kò ní já, ṣùgbọ́n á máa hàn láàárín abala méjèèjì, èyí sì jẹ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fún òwú nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ló léwu jù: òwú ìránṣọ ò já, kò sì dẹ̀, òwú ara aṣọ fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ojú ibẹ̀ sì ń ṣí bí àwọ̀n. Sátíìnì ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá níbi tó bá fún, rírán lé e lórí kò sì lè wò ó àfi kí wọ́n tú ibẹ̀ sílẹ̀ kó fẹ̀.

Bí òwú abẹ́ bá ń yọ bíńtín-bíńtín sójú aṣọ, òwú òkè ló le jù tàbí ti bọ́bìnnì ló dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ ló ń ká kókó, òwú òkè ló dẹ̀. Ojú rírán tó ń fo ibì kan sílẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti kú tàbí tó tẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Àwọn àléébù kan wà tí fọ́tò máa fi hàn kedere, tí télọ̀ ò sì ní lè tún ṣe tán. Ọrùn tí wọ́n gé fẹ̀ jù kò ṣe é dá padà, àfi kí wọ́n fi aṣọ mìíràn gbá a. Lórí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì àti sátíìnì, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ kì í parẹ́, nítorí náà títú ẹ̀gbẹ́ á fi ìlà kan sílẹ̀ síta. Lórí àǹkárá, ihò náà máa ń pa dé lẹ́yìn fífọ̀ àti lílọ̀, bí kò bá jẹ́ pé aṣọ ti ṣá. Ihò apá ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Nígbà tí gáùn bá ń gun òkè bí ọwọ́ ṣe ń gbé sókè, oníbàárà á ní ihò apá fún òun, kí wọ́n gé e sí i. Ihò apá tó jìn jù ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ó ṣe jìn sí abẹ́ apá tó ni ó ṣe ń gbé gbogbo aṣọ tó. Fọ́tò méjì láti iwájú, ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ nílẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ ní ìwọ̀n èjìká, pẹ̀lú téèpù láti abẹ́ apá dé ojú rírán, á fi í hàn. Bí àyè tó wà láàárín bá ju íǹṣì kan lọ, bí wọ́n bá gé e sí i, gáùn á túbọ̀ máa gòkè. Ohun tó kù fún télọ̀ ni kí ó fi aṣọ àṣẹ́kù lẹ abẹ́ apá, tàbí kí ó mú èjìká wọlé díẹ̀ bí ọrùn bá gbà á láàyè. Nítorí èyí, ó dára kí oníbàárà béèrè àṣẹ́kù àǹkárá rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ láti ìgbà tí aṣọ náà bá ti parí.